Ṣé omi kan náà ló bo gbogbo ayé? Àlàyé lórí àwọn ìtàn ìkún omi

Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sà ti gun ẹsẹ̀ ògiri ilé wa ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọdé ń fi ọpọ́n ṣe ọkọ̀ lójúde, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní kò sí ẹ̀yà kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ìtàn ìkún omi, nítorí náà omi kan ṣoṣo ló bo gbogbo ayé lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́: irọ́ gbáà ni, ó ní ṣe ni àwọn Júù jí ìtàn náà kọ lọ́wọ́ àwọn ará Bábílónì.

Ilé wa jẹ́ irú ilé tó pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Áfáà ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà, àbúrò ìyá mi ń wọ sùtánà funfun lọ sí Sẹ̀lẹ́, bàbá wa kan tó wà ní Kétu sì jẹ́ babaláwo. Inú bí àbúrò ìyá mi sí ọ̀rọ̀ "jí" yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnikẹ́ni má fi Ànábì Núhù ṣe ohun eré. Wọ́n wá kọjú sí mi, nítorí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Ohun tí mo sọ fún wọn níjọ́ náà ni mo kọ síbí, mo sì fi èyí tí ẹnu mi kò ráyè sọ kún un.

Lójú tèmi, ohùn méjèèjì ló ṣìnà. Àwọn kan nínú ìtàn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn mìíràn kàn fojú jọra ni. A sì lè mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ìyá yàtọ̀ sí èyí tó kàn fojú jọ, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká wò.

Kí ni à ń pè ní ìtàn ìkún omi?

Omi tó ń dààmú ènìyàn ní orúkọ púpọ̀. Òjò ńlá rọ̀, omi ń ya gba ojú títì lọ, àgbàrá nìyẹn. Odò tàbí ọ̀sà kún títí ó fi wọ yàrá, omíyalé nìyẹn. Ìtàn ìkún omi tí mo ń wí ju méjèèjì lọ: omi bo gbogbo ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn mọ̀ sí ayé, ènìyàn ṣègbé, ìwọ̀nba díẹ̀ ṣẹ́kù, ayé sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ṣẹ́kù. Òun ni àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní tùfáánù.

Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń kà mọ́ ọn, tí kò sì sí lára rẹ̀. A gbọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, omi lásán ló wà nísàlẹ̀, pé Odùduwà (Ọbàtálá ni lẹ́nu àwọn mìíràn) fi ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tan án títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú nínú ìtàn yẹn, nítorí kò tíì sí ẹni tó lè kú. Ìtàn bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ ni. Orí kìn-ín-ní Jẹ́nẹ́sísì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi, tipẹ́tipẹ́ kí Nóà tó dé. Bí a bá ka gbogbo ẹ̀yà tó ní omi níbẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn mọ́ àwọn tó ní ìkún omi, kíá ni a ó sọ pé gbogbo ayé ló ní in. Bẹ́ẹ̀, ìtàn ìkún omi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kárí.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìtàn méjì jẹ́ ọmọ ìyá?

Ní ọdún 1872, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì Smíìtì ń to àwọn wàláà amọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 14 ló ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀; iṣẹ́ fífín àwòrán owó bébà ló kọ́. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń fi lọ wo àwọn wàláà náà, títí ó fi mọ ìwé Bábílónì kà dáadáa, tí wọ́n sì gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Inú àlàpà ìlú Nínéfè, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráákì lónìí, ni wọ́n ti hú wàláà wọ̀nyí, láti ibi tí ọba Aṣurubanipáálì kó ìwé rẹ̀ pamọ́ sí ní nǹkan bí ọdún 650 ṣáájú ìbí Jésù. Púpọ̀ nínú wọn ti fọ́ wẹ́wẹ́. Níbi tí Smíìtì ti ń tò wọ́n pọ̀ ló ti rí ìlà kan tó sọ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí òkè, àti pé wọ́n rán ẹyẹ jáde, ẹyẹ náà kò rí ibi bà, ó sì padà.

Apá kan nínú ìtàn Gilgaméṣì, ọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ náà, ni ó ń kà. Ẹni tó la omi já níbẹ̀ ń jẹ́ Utinapiṣítímù. Omi jà fún ọ̀sán mẹ́fà àti òru méje, ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí òkè. Nígbà tó di ọjọ́ keje lẹ́yìn ìyẹn, ó rán àdàbà jáde. Àdàbà kò rí ibi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó padà. Ó rán alápàáǹdẹ̀dẹ̀, òun náà padà. Ó wá rán ìwò. Ìwò rí i pé omi ti ń fà, ó jẹun, ó ń rá bàbà kiri, kò padà mọ́.

Ẹ wá ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹjọ. Nóà rán ìwò jáde, ìwò ń lọ, ó ń bọ̀, títí ilẹ̀ fi gbẹ. Ó rán àdàbà, àdàbà padà. Ó dúró fún ọjọ́ méje, ó tún rán an, ó padà pẹ̀lú ewé ólífì lẹ́nu. Ọjọ́ méje mìíràn, ó rán an lẹ́ẹ̀kẹta, kò padà wá.

Nígbà tí mo kà á dé ibí yìí, àbúrò ìyá mi béèrè pé kí ló wá wà nínú ẹyẹ. Mo fi àkàsà dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó ń ta àkàsà tí kì í fi ewé dì í. Bí àkàsà obìnrin méjì bá wà nínú ewé, ìyẹn kò sọ pé wọ́n mọ ara wọn. Àmọ́ bí àwọn méjèèjì bá ń yí etí ewé padà sápá òsì, tí wọ́n ń ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n wá ń ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ ní ọ̀nà kan tí ẹlòmíràn kì í gbà, ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ, bí ọ̀kan tilẹ̀ wà ní ọjà Wàǹdó tí èkejì wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ nínú ìtàn ìkún omi dà bí ewé lára àkàsà: ẹni tí omi lé, ọkọ̀ ni yóò wá. Òkè náà bẹ́ẹ̀: ibi tó ga ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n rírán ẹyẹ níṣẹ́ tẹ̀ léra, kí èyí tó ṣáájú padà kí èyí tó kẹ́yìn má padà, kí ìwò àti àdàbà sì wà nínú méjèèjì, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ká ewé. Ìtàn lè yọrí láìsí i.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí pé ó kéré. Nígbà tí Ọlọ́run ní kí Nóà fi ọ̀dà kun ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí èdè Hébérù lò fún ọ̀dà níbẹ̀ ni kófẹ̀rì. Bíbélì kò tún fi ọ̀rọ̀ yìí pe ọ̀dà níbòmíràn. Nígbà tí ìyá Mósè fi ọ̀dà kun apẹ̀rẹ̀ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n lò. Kúpúrù sì ni àwọn ará Bábílónì ń pe ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ wọn.

Èwo ló ṣáájú? Wàláà amọ̀ kan wà tó sọ ìtàn kan náà pẹ̀lú orúkọ mìíràn, Atirahasíísì, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1650 ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn ìyẹn ni èdè Hébérù tó di ohun tí a ń kọ sílẹ̀. Ní ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n kó àwọn ará Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì, àwọn akọ̀wé tó mọ ìtàn yìí ni wọ́n sì lọ bá níbẹ̀. Ìtàn náà lè ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, nítorí ìwé Bábílónì ni àwọn ọba ilẹ̀ Kénáánì fi ń kọ lẹ́tà síra wọn láyé àtijọ́.

Síbẹ̀, n kò gba ọ̀rọ̀ "jí". Àlọ́ tí ìyá àgbà wa ń pa fún wa lálẹ́, àwọn Gùn àdúgbò wa ń pa á fún ọmọ tiwọn, Ìjàpá ló kàn yí orúkọ padà. Kò sí ẹni tó pe ẹnì kejì ní olè. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ohun tí olúkúlùkù fi ìtàn náà sọ nígbà tó dé ẹnu rẹ̀.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ènìyàn dá?

Níbí ni àwọn ọmọ ìyá náà ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ibí sì ni ìtàn náà ti dùn jù.

Ní Bábílónì, àwọn ènìyàn kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Àwọn òrìṣà ló dá wọn láti máa bá wọn gbẹ́ odò àti láti máa bọ́ wọn. Ènìyàn bí, ó rẹ̀, ariwo pọ̀, Ẹnlíìlì tó jẹ́ alágbára láàárín àwọn òrìṣà kò rí oorun sùn. Ó rán àìsàn sí wọn, wọ́n tún pọ̀. Ó mú òjò dání, ìyàn mú, wọ́n tún pọ̀. Ó wá pinnu omi, ó sì mú gbogbo òrìṣà búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn. Éà, òrìṣà ọlọgbọ́n, kò fẹ́ da ìbúra. Ó lọ dúró lẹ́yìn ilé, ó sì bá ògiri sọ̀rọ̀: ògiri esùn, tẹ́tí, wó ilé rẹ, fi kan ọkọ̀. Ọkùnrin inú ilé gbọ́. Ògiri létí, àwa náà ń wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí omi bo ayé, ebi bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn òrìṣà, nítorí àwọn tó ń rúbọ sí wọn ti kú tán. Ìgbà tí ọkùnrin náà jáde nínú ọkọ̀ tó rúbọ, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sì rọ́ bò ó bí eṣinṣin. Wọ́n wá jọ ṣe àdéhùn kí ènìyàn má bàa tún pọ̀ jù: láti ìgbà náà lọ, obìnrin kan yóò bímọ, òmíràn yóò yàgàn, ẹ̀mí burúkú yóò máa já ọmọ gbà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, àwọn obìnrin kan yóò sì wà tí iṣẹ́ òrìṣà kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ. Ẹ wo ibi tí ìtàn náà ń lọ. Ìyá tí àbíkú gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bábílónì ń béèrè ìdí, ìtàn ìkún omi ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Jẹ́nẹ́sísì gba ọkọ̀, ọ̀dà, ẹyẹ, òkè àti ẹbọ, ó sì da ìtumọ̀ wọn rú. Ariwo kò sí mọ́. Ìwà ipá ló kún ayé. Òrìṣà méjì kò sí mọ́, Ọlọ́run kan ṣoṣo ló rán omi, òun náà ló sì kìlọ̀ fún Nóà, nítorí náà kò nílò láti bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọlọ́run gbọ́ òórùn dídùn ẹbọ, ṣùgbọ́n ebi kò pa á, eṣinṣin kò sì sí níbẹ̀. Òpin rẹ̀ wá dojú kọ ti Bábílónì pátápátá. Níbi tí ti Bábílónì ti ní kí ènìyàn dín kù, ohun tí Nóà gbọ́ ni pé kí wọ́n máa bí sí i, kí wọ́n máa rẹ̀, kí wọ́n kún ayé. Òṣùmàrè sì di ẹ̀rí pé omi kò tún ní pa ayé run.

Àbúrò ìyá mi tún fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ kan fi ní kí Nóà mú ẹranko ní méjì méjì, tí òmíràn sì ní kó mú èyí tó mọ́ ní méje méje; kí ló dé tí a ka 40 ọjọ́ níbì kan, tí a ka 150 níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ Bíbélì gbà pé ìtàn Nóà méjì ló wà láàárín àwọn Júù, pé ẹni tó kó wọn jọ hun méjèèjì pọ̀ nítorí kò fẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn sọnù. Àwíjàre yìí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí bí o bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tú òwú rẹ̀, ìtàn méjì tó pé ló ń jáde.

Nínú Àlùkùráánì, ẹyẹ kò sí. Ohun tó gba ibẹ̀ ni ìwàásù: Ànábì Núhù lo ẹgbẹ̀rún ọdún dín ní àádọ́ta láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń pè wọ́n, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Omi kò sì tojú ọ̀run wá nìkan, ó hó jáde láti inú ààrò. Lẹ́yìn náà ni ohun tí Jẹ́nẹ́sísì kò ní. Ọmọ Núhù kan dúró lẹ́yìn, bàbá rẹ̀ pè é pé kó wọlé, ó ní òkè ni òun yóò gùn. Ìgbì bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lè ka ibẹ̀ láìdákẹ́ díẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, àwọn ọmọ Nóà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ ọkọ̀. Nínú Àlùkùráánì, ẹ̀jẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Orí òkè Jùdí sì ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí, nígbà tí Jẹ́nẹ́sísì ní òkè Árárátì.

Kí ló dé tí Bábílónì fi ń bẹ̀rù odò tí Íjíbítì ń yọ̀ mọ́ ọn?

Ẹ wo ìgbà tí odò ń kún. Ní Ìráákì láyé àtijọ́, odò Tígírísì àti Yúfírétì máa ń kún ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, nígbà tí yìnyín orí òkè àríwá bá yọ́. Àsìkò náà gan-an ni ọkà bálì ń gbó lóko. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àgbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún kan, ó ku kí ó kórè, omi sì ń bọ̀ láìsí ẹni tó lè sọ bí yóò ti pọ̀ tó.

Ní Íjíbítì láyé àtijọ́, odò Náílì máa ń kún láti oṣù keje títí di oṣù kẹwàá. Wọ́n ti kórè tán nígbà yẹn, ilẹ̀ ti gbẹ. Omi gbé ẹrẹ̀ dúdú wá, ó fà, wọ́n gbìn sórí ẹrẹ̀. Ọdún tí odò kò bá kún ni ọdún ìyàn. Abájọ tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kò fi ní ìtàn tí omi ti pa ayé run. Wọ́n ní èyí tí ìkún gbà ayé là: òòṣà obìnrin kan ń pa ènìyàn bí ẹran, Ráà tó jẹ́ olórí àwọn òrìṣà sì ní kí wọ́n pọn 7,000 ìkòkò ọtí, kí wọ́n pa á láró pupa bí ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n dà á sórí pápá. Obìnrin náà rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ó mu ún, ó yó, ó gbàgbé ìpànìyàn.

Àwa tó wà létí odò Wẹ̀mẹ̀ mọ méjèèjì. Ní àwọn abúlé orí omi tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Àjàṣẹ́, odò ń kún ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí òjò tiwa nísàlẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Oòrùn lè máa ràn, ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí omi sì máa gun àkàsọ̀ ilé. Òjò àríwá ló ń bọ̀, ó ti rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé. Bó bá fà, ẹja á há sínú kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀, ẹ̀fọ́ á sì ta lórí ẹrẹ̀. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀ kò ní bá ẹ jiyàn bí o bá sọ pé omi lè tìsàlẹ̀ wá.

Ìtàn tí kò ní ọkọ̀

Ṣáínà ní ìtàn ìkún omi tirẹ̀, kò sì ní ọkọ̀, kò ní ẹyẹ, kò ní ẹni tí a yàn. Odò ti bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọba gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin kan, ó mọ odi dí omi fún ọdún mẹ́sàn-án. Omi ń ga, odi ń ga, odi wó, wọ́n sì fi ìyà jẹ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ Yù gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Yù kò dí omi. Ó la ọ̀nà fún un, ó ń gbẹ́ ipa odò títí omi fi ṣàn lọ sókun. Ọdún 13 ló fi ṣe é nínú ìtàn tí wọ́n mọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá tí kò yà wọlé. Ó jọba lẹ́yìn náà.

Odò Huang He ní Ṣáínà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ní odò pupa rẹ́súrẹ́sú, ń gbé ẹrẹ̀ púpọ̀ débi pé ìsàlẹ̀ odò ń ga ju oko àyíká rẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi odi há a mọ́. Bí odi bá wá já, omi kò ní fà padà bọ̀rọ̀. Ìtàn bàbá àti ọmọ yìí mọ ìṣòro náà délẹ̀. Kò bá Bábílónì tan rárá.

Olókun wá ńkọ́?

Bàbá wa ní Kétu sọ ọ́ fún mi. Olókun bínú sí àwọn ènìyàn nítorí wọ́n pa á tì, ó sì rán omi bo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti rì kí Ọbàtálá tó dá sí i, tó lé Olókun padà sí ààfin rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, tó fi ẹ̀wọ̀n irin méje dè é títí ó fi ṣèlérí pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ẹ́lísì ti tẹ irú ìtàn yìí jáde ní 1894, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n méjèèje. Àwọn mìíràn ní Olókun bínú nítorí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi tó jẹ́ ilẹ̀ ọba rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, pé Ọ̀rúnmìlà ló fa omi náà padà.

Àwọn ajíhìnrere ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí 1840, àwọn Mùsùlùmí sì ti pẹ́ jù wọ́n lọ. Ṣé Nóà kọ́ ló wọ aṣọ Olókun? Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ká ewé. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Kò sí olódodo kan tí a kìlọ̀ fún, kò sí ẹyẹ, kò sí òṣùmàrè. Ẹjọ́ tí Olókun rò ni pé wọn kò bọ òun, tàbí pé wọ́n gba ilẹ̀ òun láìbi òun, ẹjọ́ tí gbogbo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílẹ̀ wa gbọ́ rí. Mo gbà pé tiwa ni.

Ẹ fi wé èyí tí ọ̀gágun Jámánì kan gbọ́ lẹ́nu àwọn Màsáì, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, tó sì tẹ̀ jáde ní 1904. Olódodo kan níbẹ̀ kan ọkọ̀, ó kó ìdílé àti ẹran wọ̀ ọ́, ó rán àdàbà, àdàbà padà pẹ̀lú àárẹ̀. Ó wá so ọfà mọ́ ìrù igún, ó rán an lọ. Igún padà láìsí ọfà, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé ọfà ti há mọ́ nǹkan kan, pé ilẹ̀ ti yọ. Òṣùmàrè mẹ́rin wá yọ ní igun mẹ́rin ọ̀run. Ọfà náà jẹ́ ti Màsáì pọ́ńbélé. Ìyókù, ọwọ́ tó ká ewé Jẹ́nẹ́sísì ló ká a.

Ṣé omi kan tiẹ̀ bo gbogbo ayé rí?

Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlà mẹ́ta tí omi fi sílẹ̀. Èyí tó ga jù jẹ́ ti 2010, ó dé èjìká ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn méjì tó kù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ lè wò wọ́n kó rò pé omi kan ló fi gbogbo wọn sílẹ̀.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìráákì. Ní ọdún 1929, Lẹ́nádì Wúlì, awalẹ̀pìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, gbẹ́ ilẹ̀ ní ìlú Úrì, ó sì bá ẹrẹ̀ odò tó mọ́ lóló, tó nípọn ju mítà méjì lọ, láìsí àpáàdì kankan nínú rẹ̀. Àpáàdì wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Ó kéde pé òun ti rí ìkún omi Nóà. Wọ́n wá gbẹ́ àwọn ìlú ìtòsí. Àwọn kan ní ẹrẹ̀, àwọn kan kò ní, ọjọ́ orí wọn kò sì bára mu: ti Úrì ti wà ní nǹkan bí ọdún 3500 ṣáájú ìbí Jésù, ti Ṣurúpáákì, ìlú tí ìtàn ní Utinapiṣítímù ti wá, jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 2900. Omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, olúkúlùkù ní ìlà tirẹ̀. Èyí tó bo Ṣurúpáákì lè jẹ́ èyí tí ìtàn náà ti hù, ṣùgbọ́n kò dé Íjíbítì, ká má tíì sọ Ṣáínà.

Òkun nìkan ló ga sókè káàkiri ayé. Láti nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, bí yìnyín ńlá ti ń yọ́, ó fi nǹkan bí 120 mítà gòkè, ó sì dúró síbi tó wà báyìí láàárín 7,000 sí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ méjì kó ìtàn àwọn onílẹ̀ jọ láti ibi 21 ní etí òkun, níbi tí àwọn baba ńlá ti ń sọ pé a máa ń fẹsẹ̀ rìn dé erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀, kí òkun tó bo ọ̀nà. Wọ́n fi ìjìn omi ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ní àwọn ìtàn náà lè ti pé ju 7,000 ọdún lọ. Àmọ́ ìrìn òkun yẹn lọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi ṣe é, ẹnikẹ́ni kò nílò láti sáré wọ ọkọ̀.

Àwọn tí kò ní ín

Mo padà lọ bá bàbá wa ní Kétu, mo bi í pé ṣé àwọn ará ìlú rẹ̀ ní ìtàn ìkún omi tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ rẹ̀, yàtọ̀ sí ti Olókun tó kọ́ nínú Ifá. Ó ní rárá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ níbẹ̀ ni ti Alákétu Ẹdẹ, bí wọ́n ṣe kúrò ní Ifẹ̀, tí ọdẹ ń ṣáájú wọn nínú igbó, títí wọ́n fi tẹ̀dó. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, kànga ibẹ̀ jìn, àwọn ìyá wa sì ti ru omi láti ọ̀nà jíjìn dàgbà. Bàbá na ọwọ́ sí ìkòkò omi òjò tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ilé.

Ó ní, "Omi tí à ń wá kiri, ọmọ mi, báwo ni yóò ṣe wá bò wá?"